Sípù búùtù mi kì í kọjá ibi tí ẹran ẹsẹ̀ ti pọ̀: báwo lẹ ṣe ń wọ̀n ọ́n?

Ayọ̀mí_Manchester
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Òtútù ti dé sí ìhín. Láti oṣù kẹsàn-án ni mo ti ń ra búùtù gígùn, mo ti dá méjì padà, ẹ̀kẹta wà nínú páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi báyìí. Nísàlẹ̀ kò sí wàhálà, ìka ẹsẹ̀ mi ń mí dáadáa. Ṣùgbọ́n bí mo bá fa sípù dé ẹ̀yìn ojúgun, níbi tí ẹran ti pọ̀ yẹn, ó parí, kò ní lọ mọ́. Nọ́ńbà 41 ni mò ń wọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sórí ìkànnì pé àyíká ọ̀pá búùtù náà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 38. Mo fi téèpù télọ̀ wọn ẹsẹ̀ mi, mo rí 37. Kí ló wá dé tí kò wọ̀? Àbúrò mi tí a jọ ń gbé, òdìkejì ni tirẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, gbogbo búùtù ló ń lanu lára rẹ̀ bíi garawa. Ẹ bá wa dá sí i.

Bàbá_Tólú
Ọmọ mi, ohun tó rọrùn ni. Fi ẹsẹ̀ lé orí bébà, fi bírò yí i ká, kí o wá fi rúlà wọ̀n ọ́n láti gìgísẹ̀ dé orí ìka tó gùn jù. Ẹsẹ̀ méjèèjì o, torí ọ̀kan máa ń gùn ju èkejì lọ. Nígbà tí mo lọ sin ilẹ̀ bàbá mi lọ́dún 1988, búùtù tí wọ́n fún mi ní káńpù kéré, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi tiro. Láti ìgbà náà, n kì í ra bàtà láìwọ̀n ọ́n.

Ayọ̀mí_Manchester
Ẹ ṣeun bàbá mi, ẹ kú ìyà ìgbà yẹn. Gígùn àtẹ́lẹsẹ̀ kọ́ ni ìṣòro tèmi sà, òkè ni, láàárín orúnkún sí ọrùn ẹsẹ̀.

Kọ́lá_Wòó
Kí lẹ ń da ara yín láàmú sí? Ẹ ra 42 tàbí 43. Bí nọ́ńbà bàtà ṣe ń ga ni òkè rẹ̀ náà ń fẹ̀ sí i. Ìyàwó mi ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti ìtẹ́lẹ̀ kan sísàlẹ̀, ó tán.

Ìyá_Ìbejì
Ọdún 14 ni mo fi ta bàtà ní Lọ́ńdọ̀nù kí n tó fiṣẹ́ sílẹ̀, búùtù gígùn ni mo sì ń wọ̀n fún àwọn èèyàn láti oṣù kẹsàn-án títí di oṣù kìíní. Kọ́lá, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ, ṣùgbọ́n kò pé. Nọ́ńbà kan sí òmíràn, òkè búùtù máa ń fi bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà fẹ̀ sí i, lọ́wọ́ àwọn mìíràn ó lè tó odindi kan. Ẹni tó fẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3, nọ́ńbà mélòó ló máa fò? Nígbà tó bá fi máa rí i, gìgísẹ̀ rẹ̀ á ti máa fò sókè nínú bàtà ní gbogbo ìgbà tó bá gbẹ́sẹ̀, ibi tó yẹ kí bàtà ti ká lọ́rùn ẹsẹ̀ á sì ti bọ́ síbòmíràn. Bó bá jẹ́ ìdajì sẹ̀ǹtímítà péré lo ń wá, ìtẹ́lẹ̀ lè gbà ọ́. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, owó ìtẹ́lẹ̀ lo kàn ń ná.

Ayọ̀mí, kí a tó dá bàtà lẹ́bi, níbo gan-an lo gbé téèpù sí? O jókòó ni àbí o dúró? Àárọ̀ ni àbí alẹ́? Ta ló sì wọ̀n ọ́n?

Ayọ̀mí_Manchester
Èmi fúnra mi ni mà. Àárọ̀ ni, kí n tó jáde lọ síbi iṣẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé téèpù sí agbedeméjì orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀.

Ìyá_Ìbejì
Ibẹ̀ ló ti bàjẹ́. Ẹran yẹn kì í sábà pọ̀ jù ní agbedeméjì. Òkè ló máa ń wú sí, ó sún mọ́ orúnkún ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Ẹni tó bá wọn agbedeméjì, ibi tí ẹsẹ̀ ti ń tín-ín-rín bọ̀ nísàlẹ̀ ló wọ̀n.

Lálẹ́ òní, nígbà tí o bá ti fi gbogbo ọjọ́ rìn, jókòó sórí àga tó le, má jókòó sórí sófà. Tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹrẹsẹ, kí orúnkún ká bí igun àpótí. Ìbọ̀sẹ̀ tàbí táìtì tí o máa fi wọ búùtù ni kí o wọ̀. Bó bá jẹ́ jíìnsì lo máa kì bọ inú rẹ̀, wọ jíìnsì. Jẹ́ kí àbúrò rẹ kúnlẹ̀, kó yí téèpù ká ẹsẹ̀ rẹ nísàlẹ̀ orúnkún, kó ka nọ́ńbà, kó sún un wálẹ̀ bí ìbú ìka kan, kó tún kà. Nọ́ńbà á máa pọ̀ sí i, á dé ibì kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Èyí tó pọ̀ jù ni tìrẹ. Kó fi bírò fa ìlà kékeré síbẹ̀ kó tó tú téèpù, torí a máa nílò ìlà yẹn.

Téèpù kò gbọdọ̀ rì wọnú ẹran, kò sì gbọdọ̀ ga lápá kan kó rẹlẹ̀ lápá kejì. Ìdí tí mo fi ní kí ẹlòmíì wọ̀n ọ́n nìyẹn: bí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ wọn ara rẹ̀, téèpù máa ń yọ̀ wálẹ̀ lẹ́yìn, níbi tí ojú rẹ̀ ò dé. Wọn ẹsẹ̀ méjèèjì. Lẹ́yìn náà, bọ́ ìbọ̀sẹ̀, kí o wọn láti ilẹ̀ lẹ́bàá gìgísẹ̀ dé ìlà bírò.

Lékan_Agẹṣin
Ẹ jọ̀ọ́ mà, ibi tí ẹ ti ní kó jókòó yẹn ń kọ mí lóminú. Mò ń gun ẹṣin ní Ìbàdàn, ẹni tó ń ṣe búùtù fún wa kì í jẹ́ ká jókòó. Ó máa ń ní ká dúró, ká pín ìwúwo ara sórí ẹsẹ̀ méjèèjì, torí ẹran ẹsẹ̀ tó ń gbé ara kì í rí bí èyí tó ń sinmi. Nígbà tí mo jókòó, 38 ni mo rí. Nígbà tí mo dúró, ó lé díẹ̀.

Ìyá_Ìbejì
Ilé ìtajà tó pọ̀ jù lára àwọn tí mo mọ̀ ń ní kí wọ́n jókòó, àwọn mìíràn ń ní kí wọ́n dúró, mi ò sì rí i kí wọ́n fẹnu kò rí. Wọn méjèèjì, kí o mú èyí tó tóbi. Ohun tí mi ò ní gbà ni kí èèyàn dúró lórí ìka ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, torí ẹran á kó jọ sókè bíi bọ́ọ̀lù, nọ́ńbà á sì yàtọ̀.

Lékan_Agẹṣin
Ó yé mi mà. Kí n fi kan kún un fún ẹni tó bá ń ra búùtù ẹṣin. Búùtù aláwọ tuntun kì í dúró ní gíga tó wà. Bó bá ti ń ká lọ́rùn ẹsẹ̀, ó máa ń sọ̀kalẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3. Ìyẹn ni pé ibi tó fẹ̀ jù lára bàtà náà á sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà bá mi mu rẹ́gí ní ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹnu rẹ̀ ti bọ́ sórí ibi tí ẹran ti pọ̀ jù, ó wá ń gé mi. Ìgbà tó ṣì jẹ́ tuntun ló yẹ kó máa kan ẹ̀yìn orúnkún díẹ̀.

Ayọ̀mí_Manchester
A ti wọ̀n ọ́n! Ẹ̀rín fẹ́ pa àbúrò mi. Ẹsẹ̀ òsì 41, ẹsẹ̀ ọ̀tún 41.5. Mo dúró, mo jókòó, kò yí padà. Láti ilẹ̀ dé ìlà bírò, 33. Ṣé ẹ rí i, 37 ni mò ń gbé kiri tẹ́lẹ̀!

Ìyá_Ìbejì
Ó dáa. Ẹsẹ̀ tó tóbi la máa lò, 41.5. Awọ kò gbọdọ̀ lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ bí ìbọ̀sẹ̀, torí náà fi sẹ̀ǹtímítà 1 kún un, ó di 42.5. Ìyẹn ni ohun tí o ń wá nínú búùtù, níbi gíga 33.

Ó ku bàtà náà. Padà sórí ìkànnì yẹn, wo ìlà kékeré ìsàlẹ̀. Nọ́ńbà wo ni wọ́n wọ̀n tí wọ́n fi rí 38?

Ayọ̀mí_Manchester
Áà. Wọ́n ní nọ́ńbà 37 ni wọ́n wọ̀n. Mi ò rí i rárá.

Ìyá_Ìbejì
Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Bàtà kan ṣoṣo ni wọ́n ń wọ̀n, wọ́n á kọ nọ́ńbà rẹ̀ fún gbogbo ayé. Tìrẹ jẹ́ 41, ó fi nọ́ńbà 4 jù ú lọ, nítorí náà ó lè jẹ́ 40, ó lè jẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàtà wà nílé, kí la ń méfò fún? Fa sípù rẹ̀ tán, tẹ́ ẹ sórí tábìlì, fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó pẹlẹbẹ. Kì rúlà bọ inú rẹ̀ títí yóò fi kan ìtẹ́lẹ̀ níbi gìgísẹ̀, kí o sì sàmì sí ara rẹ̀ níta ní 33. Inú ni kí o ti kà á o. Bí o bá ti ilẹ̀ kà á, gíga híìlì á ti wọ inú ìṣirò, ibi tí o sì máa wọ̀n á rẹlẹ̀ ju ibi tí ẹsẹ̀ rẹ ti pọ̀ lọ. Wọn ìbú bàtà níbi àmì yẹn, kí o fi 2 sọ ọ́ di púpọ̀.

Ayọ̀mí_Manchester
Ìbú rẹ̀ jẹ́ 20.2, méjì rẹ̀ jẹ́ 40.4. Ẹnu rẹ̀ lókè fi díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá_Ìbejì
Ìta lo wọ̀n yẹn. Awọ àti aṣọ inú rẹ̀ ní nínípọn tiwọn. Fi ìka méjì mú ẹnu bàtà náà, wò ó bóyá ó tó mílímítà 2. Bó bá tó o, yọ nǹkan bíi 0.8 kúrò nínú 40.4 yẹn. Inú tí ẹsẹ̀ rẹ máa gbé kò ju nǹkan bíi 39.6 lọ. O ń wá 42.5. Sẹ̀ǹtímítà 3 ló kù, àní bí o bá ní kó lẹ̀ mọ́ ọ gan-an, 2 ṣì kù. Má fi ipá fa sípù yẹn mọ́.

Ṣúmékà_Mushin
Ẹ kú iṣẹ́ mà, ẹ ti bá mi sọ ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi. Ní Mushin níbí, àwọn tó ń bọ̀ láti ìlú òyìnbó wá sílé ní Kérésì ló máa ń kó irú rẹ̀ wá bá mi. Ẹni tí awọ gidi ni búùtù rẹ̀, mo lè kì igi onísíkúrù sí i, kí n fi omi tó ń mú awọ rọ̀ rin ín, kí n ṣí i díẹ̀ díẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ó lè fún wa ní sẹ̀ǹtímítà 1, ọlọ́pẹ́ lè rí 1 àti ààbọ̀. Kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí wọ́n fi ike ṣe bí awọ, mo lè fà á títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí mo bá yọ igi, ó ti padà síbi tó wà. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń là lójú.

Bó bá jẹ́ 3 ló kù, rọ́bà ni. Mo máa ń la ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọ sípù, láti ẹnu wá sísàlẹ̀ ibi tí ẹran ti pọ̀, mo sì máa ń rán rọ́bà onígun mẹ́ta sí i, tó fẹ̀ lókè, tó sì ṣẹ́nú nísàlẹ̀. Bàtà dúdú rọrùn, rọ́bà dúdú kì í hàn. Èyí tó ní àwọ̀ iyẹ̀pẹ̀, ẹ má retí kí ó bára mu. Lóòótọ́ ni mò ń jẹun lórí iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n bí àkókò àtidá a padà ò bá tíì kọjá, ẹ dá a padà. Bí mo bá ti la bàtà, ó ti di tiyín nìyẹn.

Kọ́lá_Wòó
Ọ̀gá, kí ló dé tí ẹ ò kàn ṣí sípù yẹn kí ẹ fi èyí tó fẹ̀ sí i?

Ṣúmékà_Mushin
Sípù tó fẹ̀ kò wúlò, ẹ̀gbọ́n. Sípù ò gbọdọ̀ gbé ẹrù. Bí bàtà bá fún, agbára gbogbo orí eyín sípù ló máa wà. Ẹ wò ó nígbà tí ẹnì kan bá wọ̀ ọ́: bí ojú sípù bá ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ, tí awọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ń fa ìlà lọ sí ẹ̀gbẹ́ bí ìgbà tí bọ́tìnnì fẹ́ já lára ẹ̀wù, ó ti fún jù, bó ti wù kó pa dé tó. Eyín á là lọ́jọ́ kan tí ẹni náà bá jókòó. Èyí tó fẹ̀ jù, òòró ló máa ń ká sí, á sì wó lulẹ̀ sórí ọrùn ẹsẹ̀.

Tèmi_Àbúrò
Èmi ni àbúrò tí wọ́n ń pè ní garawa. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi ti rí ìdáhùn. Èmi ńkọ́? Nọ́ńbà 38 ni mò ń wọ̀, ibi tí ẹran ẹsẹ̀ mi ti pọ̀ jù kò ju 32 lọ. Búùtù tí mo ní jẹ́ 37 nínú. Ó ń wó lulẹ̀ bí ọ̀gá ṣe sọ yẹn, bí òjò bá rọ̀, omi ń gba ẹnu rẹ̀ wọlé. Mo rí ọ̀kan lórí ìkànnì tí kò ní sípù, tí wọ́n ní 33 ni ọ̀pá rẹ̀. Ṣé kí n rà á?

Ìyá_Ìbejì
Tèmi, dúró ná. Búùtù tí kò ní sípù, ẹsẹ̀ rẹ gbọ́dọ̀ gba inú ọ̀pá kọjá kó tó dé ìsàlẹ̀. Na ìka ẹsẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, kí o wá yí téèpù láti ẹ̀yìn gìgísẹ̀ nísàlẹ̀ gba orí ẹsẹ̀ níbi tó ti ká. Kí lo rí?

Tèmi_Àbúrò
Háà! 31.5. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ibi tí ẹran ti pọ̀ jù.

Ìyá_Ìbejì
O rí i. Lára ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, gìgísẹ̀ lè fẹ̀ tó ẹran ẹsẹ̀ tàbí kó jù ú lọ. Nọ́ńbà 33 yẹn, ibi tó fẹ̀ jù ni wọ́n wọ̀n. Ọrùn bàtà náà nísàlẹ̀ ṣẹ́nú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ibẹ̀ sì ni gìgísẹ̀ rẹ máa há sí. Bí o bá tiẹ̀ fi ipá wọ̀ ọ́, bíbọ́ rẹ̀ á di iṣẹ́ èèyàn méjì. Fún ìwọ, onísípù tó gùn délẹ̀ ni.

Ṣúmékà_Mushin
Ó sì ṣeé gé wọlé, àbúrò. Mo máa ń tú ojú ìrán ẹ̀yìn, kí n yọ ohun tó pọ̀, kí n tún un rán. Ṣùgbọ́n láti 37 sí 33, sẹ̀ǹtímítà 4 ni, ó ti pọ̀ jù fún mi. Bí mo bá kọjá 2 àti ààbọ̀, sípù á yí sẹ́yìn, kò ní dúró ní ẹ̀gbẹ́ mọ́, ọ̀pá náà á sì dàbí ẹni pé ó ń wo ibòmíràn. Àwọn tó ń gé 4, mo ti rí iṣẹ́ wọn.

Tèmi_Àbúrò
Ṣúmékà tó wà ní àdúgbò wa níbí sọ pé òun lè gé 4 láìsí wàhálà.

Ṣúmékà_Mushin
Kó kọ́kọ́ fi bàtà tirẹ̀ hàn ọ́.

Sadé_Peckham
Ẹ jọ̀ọ́, kí n tọrọ ọ̀rọ̀ kan. Èmi lóyún oṣù mẹ́fà, ẹsẹ̀ mi ń wú lálẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo wọ̀n ọ́n, 40 láàárọ̀, 42 lálẹ́. Ní ọjọ́ mẹ́ta yìí, ẹsẹ̀ òsì nìkan ló ń wú, ó sì ń dùn mí lẹ́yìn ojúgun. Èwo ni kí n fi ra búùtù?

Ìyá_Ìbejì
Sadé, fi ọ̀rọ̀ búùtù sílẹ̀ ná. Kí ẹsẹ̀ méjèèjì wú lálẹ́ nínú oyún, ìyẹn wọ́pọ̀. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú, tó sì ń dunni lẹ́yìn ojúgun, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló dì nínú iṣan, oyún sì máa ń mú kí ìyẹn tètè ṣẹlẹ̀. Lónìí yìí ni kí o pe àwọn agbẹ̀bí rẹ tàbí 111, má dúró dọ̀la. Bí àyà bá ń dùn ọ́ tàbí èémí ń ṣòro, 999 ni. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ ra á.

Sadé_Peckham
Ẹ̀rù ti bà mí. Mo ti ń pè wọ́n.

Sadé_Peckham
Wọ́n ní kí n máa bọ̀ nísinsìnyí. Ọkọ mi ti gbé mọ́tò jáde. Ẹ ṣeun.

Bàbá_Tólú
Olúwa á mú ọ padà lálàáfíà, ọmọ mi. Ìgbà tí o bá dé, sọ fún wa.

Ayọ̀mí_Manchester
Sadé, a ń retí rẹ o.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo padà wá jíṣẹ́. Mo dá ẹ̀kẹta náà padà. Mo wá lọ sórí ìkànnì mìíràn, mo yan àwọn tí wọ́n kọ wide calf sí. Mo kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ wọn pé 43 tí wọ́n kọ yẹn, nọ́ńbà wo ni wọ́n wọ̀n, inú ni àbí ìta. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi dáhùn: nọ́ńbà 39, ìta ni. Mo ṣírò rẹ̀ bí Ìyá Ìbejì ṣe ṣe é: mo fi 1 kún un fún nọ́ńbà méjì tó kù, ó di 44, mo yọ 0.8, ó ku 43 àti díẹ̀. Ó dé lánàá. Sípù lọ sókè láìdúró, ìka mi kan ń wọ inú rẹ̀ ní ẹ̀yìn. Mo fi rúlà wò ó nínú, ibi tó fẹ̀ jù wà ní 34, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìlà bírò mi mu.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Bí mo bá jókòó nínú bọ́ọ̀sì, ẹnu rẹ̀ ń kan ẹ̀yìn orúnkún mi. Lékan, ṣé á sọ̀kalẹ̀ bíi ti ẹṣin yẹn? Súẹ́dì ni o, kì í ṣe awọ dídán, híìlì rẹ̀ sì jẹ́ 5.

Lékan_Agẹṣin
Súẹ́dì rọ̀, á ká lọ́rùn ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé á tó 2. Wọ̀ ọ́ nínú ilé fún ọjọ́ mélòó kan, ká tó mọ̀.

Kọ́lá_Wòó
Àbí kó gé ẹnu rẹ̀ kúrò?

Ṣúmékà_Mushin
Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá, ẹ jẹ́ ká sinmi.